Fọ́múlà kan nínú ìlà tí a fi pamọ́ ti gbé èrè wa ga láti oṣù kẹta: báwo ni kí n ṣe tún un ṣe?

Alákọsílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé owó iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ra ọjà tó sì ń tún un tà. Nígbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi parí ìròyìn oṣù kẹta ọdún ìṣirò yìí ni mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba fáìlì Excel tó fi ń ṣe ìròyìn oṣooṣù pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó iye tuntun sínú fáìlì yìí, tí mo ń tẹ ìròyìn jáde, tí mo sì ń fọwọ́ sí i. Lánàá ni mo wá rí i pé kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà nínú ìròyìn mẹ́rin tí mo ti fọwọ́ sí.

Èrè orí ọjà ló ta mí lólobó. A kò fi owó kún ọjà wa, àwọn tí à ń rà á lọ́wọ́ wọn kò sì dín owó kù fún wa, síbẹ̀ ó jọ pé èrè ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Ní oṣù keje, a ta ọjà 900,000, ìròyìn sì sọ pé 400,000 péré ni iye tí a fi ra ohun tí a tà náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti jèrè tó lé ní 55 lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan tó wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní oṣù kìíní àti ìkejì, nǹkan bí 35 ni. Inú ọ̀gá dùn nígbà tí wọ́n rí i. Ọkàn tèmi kò balẹ̀, nítorí èmi ni mo ń kọ iye tí a fi ra ọjà sílẹ̀, mo sì mọ iye tí à ń tà á.

Mo jókòó ti fáìlì náà lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ojú ewé náà fò láti 4 bọ́ sí 9. Ìlà mẹ́rin ni ẹni náà ti fi pamọ́: ọjà tí a fi bẹ̀rẹ̀ oṣù ní ìlà 5, ọjà tí a rà ní ìlà 6, àpapọ̀ wọn ní ìlà 7, àti ọjà tó ṣẹ́ kù ní ìparí oṣù ní ìlà 8. Ìlà 9 nìkan ló máa ń hàn, níbi tí iye tí a fi ra ọjà tí a tà wà. Iye tí mo ń kọ sí ojú ewé mìíràn ló ń wọ inú àwọn ìlà náà fúnra rẹ̀, nítorí náà n kò fìgbà kan nílò láti ṣí wọn. Mo ṣí wọn, ohun tí mo sì bá nínú ìlà 5 nìyí:

```
B5   400000
C5   =$B$8
D5   =$B$8
E5   =$B$8
```

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé H5, tó jẹ́ oṣù keje. Ó yẹ kí ọjà tó kù ní ìparí oṣù kan jẹ́ ọjà tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n gbogbo oṣù ló ń padà lọ mú ọjà ìparí oṣù kìíní, èyí tí í ṣe 420,000. Oṣù kejì tọ̀nà, nítorí pé ọjà ìparí oṣù kìíní gan-an ló yẹ kó mú. Mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ yẹ oṣù kejì wò, ó rí i pé ó bá a mu, ó sì fà á lọ sí apá ọ̀tún láìtún yẹ ìyókù wò.

Ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí wa ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Ní ìparí oṣù kejì ó jẹ́ 450,000, lẹ́yìn náà 480,000, 520,000, 550,000, 600,000, ó sì di 640,000 ní ìparí oṣù keje. Èyí ló fà á tí àṣìṣe náà fi ń dàgbà: èrè oṣù kẹta fi 30,000 ju bó ṣe yẹ lọ, ti ìkẹrin fi 60,000, ti ìkarùn-ún fi 100,000, ti ìkẹfà fi 130,000, ti ìkeje sì fi 180,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500,000. Èrè oṣù méjèèje tí mo ti ròyìn jẹ́ 1,310,000, bẹ́ẹ̀ 810,000 ló jẹ́ ní òtítọ́.

Ohun méjì ló mú ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn mi. Ọ̀gá ti mú ìròyìn oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ sí báǹkì láti fi béèrè owó yíyá, báǹkì kò sì tíì dá wọn lóhùn. Lọ́nà kejì, alábòójútó ìtajà wa máa ń gba 10 nínú ọgọ́rùn-ún èrè gẹ́gẹ́ bí owó ìmóríyá lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà, a sì ti san án fún wọn. Ṣé kí n tún oṣù kọ̀ọ̀kan ṣe ni, àbí kí n yọ 500,000 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú oṣù kẹjọ? Báwo ni ẹ ṣe rò pé kí n gbé e kalẹ̀ fún ọ̀gá?

Ìmọ́lẹ̀-Ọjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́múlà kankan, ẹ lọ ka ọjà yín. Bí 500,000 bá sọnù nínú iléeṣẹ́, ọwọ́ ènìyàn ló wà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé ni gbogbo wa ń yẹ̀ wò nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ń kó ọjà jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Alákọsílẹ̀

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọnù. A máa ń ka ọjà ní gbogbo ìparí oṣù, ènìyàn méjì ló ń kà á, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì bá ìlà 8 mu. Ìṣirò èrè ló ṣì mú ọjà oṣù kìíní ní gbogbo ìgbà.

Ọmọ-Ìṣirò

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Wọ́n kọ́ wa pé àṣìṣe orí ọjà tó kù máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá gbé ọjà ìparí oṣù yìí ga jù, èrè oṣù yìí á ga, ṣùgbọ́n iye tó ga náà ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, èrè oṣù náà á sì lọ sílẹ̀ ní iye kan náà. Bí ẹ bá ro oṣù méjèèje pọ̀, àṣìṣe náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀ rẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé 180,000 ti oṣù tó gbẹ̀yìn nìkan ló kù lọ́rùn yín, kì í ṣe 500,000.

Ayẹ̀wéwò

Àbúrò mi Ọmọ-Ìṣirò, òtítọ́ ni ohun tí wọ́n kọ́ yín, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ yìí kọ́ ló bá mu. Àṣìṣe tó ń pa ara rẹ̀ rẹ́ ni èyí tó bá wà nínú ọjà ìparí oṣù fúnra rẹ̀, nítorí pé iye kan ṣoṣo náà ló ń wọ ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì: a yọ ọ́ kúrò ní oṣù yìí, a sì fi í kún un ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tó fọ́ níhìn-ín ni okùn tó so oṣù kan mọ́ èkejì. Ìparí oṣù tọ̀nà ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n kò dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo oṣù kẹta: a yọ 480,000 gẹ́gẹ́ bí ọjà tó kù, ó sì yẹ kí 480,000 yẹn padà wọlé ní oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n 420,000 ló wọlé. 60,000 ti já bọ́ láàárín oṣù méjèèjì, kò sì sí oṣù kankan tí yóò dá a padà. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí 500,000 Alákọsílẹ̀ sì fi tọ̀nà.

Ẹ fi èyí dán an wò, Alákọsílẹ̀. Ẹ ka oṣù méjèèje sí ẹyọ kan. Ọjà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ rà kún un, kí ẹ sì yọ ohun tó kù ní ìparí oṣù keje. Iye tí ẹ bá rí gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ ìlà 9 mu, nítorí pé gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tó wà láàárín gbọ́dọ̀ ti pa ara wọn rẹ́. Fọ́múlà tí mo máa ń fi sí ìsàlẹ̀ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ nìyí:

```
=ROUND(SUM(B9:H9)-(B5+SUM(B6:H6)-H8),0)
```

Òfo ló yẹ kó fún yín. Bí ohun tí ẹ sọ bá rí bẹ́ẹ̀, -500000 ni ẹ ó rí, ìyẹn ni pé iye tí a fi ra ọjà tí a tà dín ní 500,000. Bí ó bá fún yín ní iye mìíràn, àṣìṣe míì tún wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì rí, ẹ má sì tíì lọ bá ọ̀gá.

Mo fẹ́ kí àwọn ìyókù tó ń kà á kíyè sí ìdí tí Excel kò fi kìlọ̀. Onígun mẹ́ta aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ ní igun àpótí máa ń fi fọ́múlà wé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀kan bá yàtọ̀. Láti C5 títí dé H5 níhìn-ín, ohun kan náà ni gbogbo wọn wí, wọ́n sì jọ ṣìnà pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí irú rẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ìlà àti òpó tí a fi pamọ́, ẹ tẹ `Ctrl` àti `` ` `` pọ̀ kí fọ́múlà lè hàn dípò iye, kí ẹ wá wo ìlà kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún. Nínú ìlà tó ń gbé oṣù kan lé èkejì lórí, lẹ́tà òpó gbọ́dọ̀ máa yí padà bí ẹ ṣe ń lọ. Níbikíbi tí lẹ́tà náà bá dúró lójú kan, tí àmì `$` sì wà níwájú rẹ̀, ẹ béèrè ìdí tó fi dúró. Nígbà míràn ìdí gidi wà, bí i kí gbogbo oṣù máa wo ìdá owó orí kan náà. Nínú ọ̀rọ̀ ọjà, kò sí.

Ọmọ-Ìṣirò

Ó ti yé mi wàyí, ẹ̀gbọ́n. Ìparí oṣù ni mo rò pé ó ṣìnà. Mo gba àtúnṣe yín.

Ìyá-Àkáǹtì

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí tèmi. Fọ́múlà àpapọ̀ ìnáwó wa dúró sí ìlà 40, a sì ti kọ ìnáwó tuntun mẹ́ta sí ìlà 41 sí 43, kò sì kà wọ́n mọ́ ọn fún odidi oṣù mẹ́rin. Àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá pàápàá ti kó sí irú rẹ̀: nínú ìwé ìwádìí kan tí Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff gbé jáde ní ọdún 2010 lórí gbèsè ìjọba, fọ́múlà ìdá àárín wọn fi orílẹ̀-èdè márùn-ún sílẹ̀ láìkà. Ọdún 2013 ni àṣírí rẹ̀ tú, nígbà tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, Thomas Herndon, ní fáìlì náà gan-an. Ẹni tó rí èsì nìkan kò lè rí àṣìṣe inú fọ́múlà. Nítorí náà, Alákọsílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ìlà ìnáwó náà wò, kí ẹ má ṣe dúró sórí ìlà ọjà nìkan.

Ní ti ìbéèrè yín, èmi ì bá yọ 500,000 náà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹjọ. Ó rọrùn, ìwé á sì tọ̀nà kí ọdún tó parí.

Olùtọ́nà

Mo tako Ìyá-Àkáǹtì lórí èyí. IAS 8, ìlànà àgbáyé lórí ìròyìn owó, sọ pé bí àṣìṣe ìgbà tó ti kọjá bá tóbi, a gbọ́dọ̀ padà lọ tún iye ìgbà náà gan-an ṣe, a kò gbọdọ̀ dà á lé ìgbà tí a rí i lórí. Nítorí náà òfin ti dá a lẹ́jọ́.

Ayẹ̀wéwò

Olùtọ́nà, ibi tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dé dára, ṣùgbọ́n òfin tí ẹ fà yọ kò dé ibí yìí. Ìròyìn owó tí iléeṣẹ́ ti parí tó sì ti gbé jáde fún ìgbà kan, tí a wá rí àṣìṣe rẹ̀ ní ìgbà mìíràn, ni IAS 8 ń bá wí. Ọdún ìṣirò Alákọsílẹ̀ kò tíì parí, ìròyìn oṣooṣù yìí sì wà fún ọ̀gá láti fi darí iléeṣẹ́. Bí wọ́n bá ro odidi ọdún láti ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ọjà ìparí ọdún, ìròyìn ọdún á tọ̀nà.

Síbẹ̀, èmi náà ò ní yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ro oṣù kẹjọ wò: bí èrè rẹ̀ gidi bá súnmọ́ ti àwọn oṣù tó ṣáájú, 500,000 yóò jẹ gbogbo rẹ̀, yóò sì tún fi àdánù sílẹ̀, ẹni tó bá sì wò ó lẹ́yìn ọ̀la yóò rò pé ìtajà ló bàjẹ́ ní oṣù náà. Ẹ tún fọ́múlà ṣe sí `=B8` ní C5, ẹ fà á dé òpin, kí ẹ sì tẹ ìròyìn oṣù kẹta sí ìkeje jáde lákọ̀tun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "àtúnṣe" àti ọjọ́ tó jáde lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pa fáìlì àtijọ́ rẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń rú mi lójú. Bí èrè bá fi 500,000 ga jù, ìwé ohun-ìní àti gbèsè kò yẹ kó dọ́gba. Kí ló mú un dọ́gba láti oṣù kẹta títí di ìsinsìnyí?

Alákọsílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín yìí kò jẹ́ kí n sùn. Mo kọ́kọ́ fi fọ́múlà yín sí i, -500000 ló fún mi. Ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún jẹ́ 400,000, ohun tí a rà jẹ́ 4,240,000, ohun tó kù jẹ́ 640,000, nítorí náà iye tí a fi ra ọjà tí a tà yẹ kó jẹ́ 4,000,000, ìlà 9 sì sọ pé 3,500,000. Mo yẹ ìlà ìnáwó wò bí Ìyá-Àkáǹtì ṣe ní kí n ṣe, wọ́n pé.

Mo wá lọ sí ojú ewé ohun-ìní àti gbèsè. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ "owó tí olówó iléeṣẹ́ mú". Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé láti inú ìwé báǹkì ló ti ń wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́múlà ni wọ́n fi síbẹ̀, ohunkóhun tó bá ń dí ìwé lọ́wọ́ láti dọ́gba ló sì ń gbé sí ìlà náà. Ó sọ pé ọ̀gá ti mú 850,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo ka gbogbo owó tí wọ́n mú láti báǹkì àti láti inú àpótí owó, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 350,000 ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500,000 géérégé. Fún oṣù márùn-ún ni ìwé tí mo ń tọ́jú ti ń sọ pé ọ̀gá mi mú owó tí wọn kò mú.

Ayẹ̀wéwò

Ẹ̀rí kejì nìyẹn, ó sì wá láti ibi tí kò bá ọjà tan rárá, èyí ló mú un lágbára. Ẹ yọ fọ́múlà ìlà náà kúrò lónìí, kí ẹ fi iye tó wá láti báǹkì àti àpótí owó rọ́pò rẹ̀. Bí ìwé kò bá dọ́gba ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó hàn pé kò dọ́gba.

Nípa ti báǹkì, kò sí ohun tí a ó máa gbèrò. Ìròyìn tí a mọ̀ pé kò tọ̀nà wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi í pinnu bóyá òun yóò yá ènìyàn lówó. Ẹ sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n fi èyí tí a tún ṣe ránṣẹ́ kí báǹkì tó dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ ìmọ̀ràn yín sílẹ̀ fún wọn, orúkọ yín kò sì gbọdọ̀ sí lórí ìròyìn àtijọ́ náà mọ́.

Ìyá-Àkáǹtì

Mo gbà fún Ayẹ̀wéwò lórí oṣù kẹjọ, n kò ronú dé ibi àdánù yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ owó ìmóríyá. Àpapọ̀ àṣìṣe títí dé ìparí oṣù kẹfà jẹ́ 320,000, nítorí náà 32,000 ni alábòójútó ìtajà gbà lé lórí. Kí wọ́n yọ ọ́ nínú èyí tó ń bọ̀. Èrè tí kò sí ni wọ́n fi san án.

Olùtọ́nà

Kì í ṣe alábòójútó ló kọ fọ́múlà náà. Ó ta ọjà, wọ́n fún un ní iye kan, ó sì ti ná an. Lójú tèmi, iléeṣẹ́ ló ni ẹrù yẹn. Ó kéré tán, ẹ ka àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe kí ẹ tó yọ ohunkóhun, nítorí pé níbi púpọ̀, agbanisíṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dédé gé owó òṣìṣẹ́.

Ìyá-Àkáǹtì

Bí wọ́n bá san án dín ní 32,000, ṣé kò ní béèrè rẹ̀ ni?

Alákọsílẹ̀

Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo kó ojú ewé méjì lọ: ọ̀kan fi èrè oṣù kọ̀ọ̀kan hàn bí mo ṣe ròyìn rẹ̀ àti bó ṣe yẹ kó rí, èkejì fi àpótí C5 dé H5 hàn. N kò di ẹ̀bi ru ẹni tó ṣáájú mi, mo sọ pé mo fọwọ́ sí ìròyìn mẹ́rin láìṣí ìlà tí a fi pamọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé àdánù ni à ń ṣe?" Mo ní rárá, pé 810,000 jẹ́ èrè gidi, àti pé 35 lórí ọgọ́rùn-ún tí a ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni a ṣì ń rí.

Ohun tó dùn wọ́n jù lọ ni ti 850,000. Wọ́n ní àwọn ti rí iye yẹn lórí ìwé rí, àwọn sì rò pé àwọn ti gbàgbé àwọn ìgbà kan tí àwọn mú owó.

Ìròyìn tí a tún ṣe ti dé báǹkì ní ọ̀sán yìí pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Wọ́n ní àwọn yóò tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Ti 32,000 ṣì wà nílẹ̀: ọ̀gá fẹ́ yọ ọ́, alábòójútó kò tíì gbọ́ rárá, mo sì ń wá àdéhùn iṣẹ́ wọn nínú fáìlì lọ́wọ́lọ́wọ́.